A Kì í Pariwo Ẹni Tó Ni Àbàwọ́n

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Ìyá Ọṣẹ jẹ́, ẹ má bi àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìyìn ni wọn yóò máa yìn ín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ bi. Òun ló ni ilé ìfọṣọ tó wà ní ìdojúkọ ibùdókọ̀, ilé gígùn kan tí ooru ọṣẹ máa ń kọlu èèyàn láti ẹnu ọ̀nà. Ó máa ń rìn bí ẹni tó gbé omi kaná tí omi náà ti ń hó, kò sì sí ẹni tó wọṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò ní sọ lórúkọ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ọmọbìnrin tó ń gba aṣọ lójú káńtà, Rédíò ló ń jẹ́, nítorí pé bí ẹ bá tan án láàárọ̀, ẹ ò ní rí ibi tí ẹ ó ti pa á. Ọkùnrin tó ń fi alùpùpù kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà ń jẹ́ Kíá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò dé ibì kankan lásìkò rí. Obìnrin tó ń gán bọ́tìnnì tó sì ń rán àmì mọ́ aṣọ ń jẹ́ Abẹ́rẹ́. Òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ó máa ń wọlé.

Àgbà gbogbo wọn ni Bàbá Ìlàtọ́, alọṣọ. Ìlà tí áyọ́ọ̀nù bàbá yìí bá fà sí ṣòkòtò, èèyàn lè fi gé àlùbọ́sà. Ìgbà tí ilé ìfọṣọ náà ṣì jẹ́ ọpọ́n omi kan àti okùn kan lẹ́yìnkùlé ló ti wà níbẹ̀, òun ló sì kọ́ Ìyá Ọṣẹ bí wọ́n ṣe ń lọ ọrùn ẹ̀wù. Bí èèyàn bá wà nítòsí, á máa pè é ní “ẹ̀yin ọ̀gá”. Bó bá ku àwọn méjèèjì, “ìwọ ọmọ yìí” ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Ọṣẹ wọ yàrá ìlọṣọ tó sì rí ohun tí kò jẹ́ kó sùn dáadáa mọ́. Áyọ́ọ̀nù ńlá, èyí tó ń fi ooru omi lọ aṣọ, ń jò. Omi tó ń hó ń kán sórí ẹsẹ̀ Bàbá Ìlàtọ́ nínú sálúbàtà, tó, tó, tó. Bàbá ò mira. Ó ń na apá ẹ̀wù funfun kan lọ ní tirẹ̀.

“Bàbá! Ẹsẹ̀ yín!”

Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ aládùúgbò. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá sọ ọ́. Àtọ̀gbẹ ni, ọjọ́ ti pẹ́. Ẹsẹ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan kan lára mọ́. Oògùn tí wọ́n ní kó máa lò lójoojúmọ́, ó ń fo ọjọ́ kan mọ́ ọjọ́ kan kó lè tọ́jọ́, torí oògùn náà ti gbówó lórí ju agbára rẹ̀ lọ.

“Mo bẹ̀ ọ́, ìwọ ọmọ yìí, má sọ fẹ́nì kankan. Ọjọ́ tí Rédíò bá gbọ́ ni mo di Bàbá Ṣúgà. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tójú lè ṣú nígbàkigbà, ta ló máa jẹ́ kó di áyọ́ọ̀nù gbígbóná mú? Bí wọ́n bá gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, kí ló kù tí mò ń ṣe láyé?”

Ìyá Ọṣẹ ṣèlérí fún un pé òun ò ní sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yìí ló wá di okùn sí i lọ́rùn.

Ọjọ́ kejì gan-an ló pe àwọn adójútòfò ìlera, àwọn tó ń gba owó díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè sanwó ìtọ́jú ẹni tó bá ń ṣàìsàn. Wọ́n rán obìnrin kan sí i, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé àpò tó tóbi jù ú lọ, tó sì máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ èèyàn nínú.

“Ẹnì kan péré ni mo fẹ́ fi sí i,” ni Ìyá Ọṣẹ wí.

Obìnrin adójútòfò rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mà, a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ètò àjùmọ̀ṣe ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo owó rẹ̀ àbí ẹ máa yọ lára owó oṣù wọn?”

“Èmi ni n ó san án.”

“Ó dáa. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń san án tán, gbogbo òṣìṣẹ́ yín ló gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Owó tí wọ́n san lórí àwọn tára wọn dá la fi ń tọ́jú àwọn tára wọn ò dá. Bó bá jẹ́ aláìsàn nìkan làwọn èèyàn ń kó wá, a ti kógbá wọlé tipẹ́.”

Ó wá là á yé e. Ìpìlẹ̀ ètò náà ni kí wọ́n rí dókítà, kí wọ́n ṣàyẹ̀wò, kí wọ́n gba oògùn àwọn àìsàn kéékèèké bí ibà, kí wọ́n sì dá èèyàn dúró sílé ìwòsàn bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Lórí ìyẹn ni àfikún mẹ́rin wà tí wọ́n lè mú nínú rẹ̀: ìtọ́jú eyín, ojú pẹ̀lú awò, aboyún àti ìbímọ, àti àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, irú ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ fée àti àtọ̀gbẹ.

“Owó tẹ́ ẹ ní ẹ lè san yìí, ìpìlẹ̀ àti àfikún kan ló máa gbé. Bẹ́ ẹ bá gbà kó jẹ́ ilé ìwòsàn àdúgbò yìí nìkan ni wọ́n á máa lọ, láìsí àwọn ńláńlá tó wà láàárín ìlú, ó lè gbé méjì. Ṣùgbọ́n iye tí mo pè fún yín yìí, ọ̀la ló máa kásẹ̀ nílẹ̀ o. N ó padà wá.”

Ẹ ó ní kí ló wá ṣòro níbẹ̀? Kó mú ti àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, kó fọwọ́ sí i, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àmọ́ Ìyá Ọṣẹ ti ṣe àṣìṣe kan. Lọ́jọ́ tó pe àwọn adójútòfò, inú rẹ̀ dùn, ló bá pariwo fún wọn ní yàrá ìfọṣọ pé, “Ẹ̀yin lẹ ó mú ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́! Ọ̀gá tó ń bi ọmọ iṣẹ́ léèrè, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀, mélòó ló kù láyé?” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bó bá wá fúnra rẹ̀ mú èyí tẹ́nì kankan ò béèrè, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa jáde lẹ́nu Rédíò: ta ló ń ṣàìsàn níbí? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Rédíò á ti rí ìdáhùn rẹ̀.

Nítorí náà ó pè wọ́n jọ láàárín àwọn ẹ̀rọ, àwọn mọ́kànlá, ó ka àfikún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn, ó sì ní kí wọ́n máa nawọ́ sókè.

“Ẹni tó bá fẹ́ ti aboyún àti ìbímọ?”

“Háà!” Rédíò ti bẹ̀rẹ̀. “Ta ló fẹ́ bímọ níbí? Abẹ́rẹ́, ṣé ẹ̀yin ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa ká ti máa fọ ìlédìí sílẹ̀!”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Abẹ́rẹ́, tó ti kúrò lórí itan rẹ̀ díẹ̀, padà síbi tó wà.

Kò sẹ́nì kankan.

“Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́?”

Kíá fi ọwọ́ lu àyà. “Ọ̀gá, ẹ má fi epè ṣe wá. Ṣé a jọ ẹni tó fẹ́ kú ni?”

Ẹ̀rín tún sọ. Ìyá Ọṣẹ náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé òun gan-an ló kọ́ wọn ní ẹ̀fẹ̀ ṣíṣe. Ó yọjú wo Bàbá Ìlàtọ́. Bàbá ń wo àjà.

Kò sẹ́nì kankan.

Ojú pẹ̀lú awò rí ọwọ́ mẹ́rin. Ti eyín rí méje, Kíá ló ṣáájú wọn, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, torí eyín kan ti ń jẹ ẹ́ níyà láti ọjọ́ pípẹ́. Ọwọ́ keje, gígùn, tó nà ṣánṣán sókè bí ìlà ṣòkòtò, ti Bàbá Ìlàtọ́ ni.

Ìyá Ọṣẹ tẹ̀ lé e wọ yàrá ìlọṣọ. Kò tíì ti ilẹ̀kùn tán tó ti figbe ta.

“Bàbá! Eyín? Ẹ̀yin? Eyín mélòó ló kù lẹ́nu yín tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n tọ́jú?”

“Ó kù tó èyí tí mo fi ń jẹun.”

“Ẹ má bá mi ṣeré. Ẹ nawọ́ lòdì sí ara yín!”

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n nawọ́ lémi nìkan, kí gbogbo wọn yíjú wò mí?” Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó sì gbé e kalẹ̀ padà. “Ọmọ rere lo jẹ́ fún mi. Jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?”

“Ẹsẹ̀ mi ni.”

“Bó bá di ohun tí wọ́n máa gé ńkọ́? Ṣé ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan dúró lọ aṣọ?”

Bàbá na aṣọ kan sórí tábìlì, ó sì ń lọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò tíì tan áyọ́ọ̀nù. Ìyá Ọṣẹ rí i. Ó jáde.

Ó lọ jókòó sáàárín àwọn aṣọ ìdọ̀tí lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń ṣà wọ́n, ó sì pe obìnrin adójútòfò lórí fóònù.

“Ẹ jọ̀ọ́, bí a bá mú ti eyín báyìí, ṣé a lè wá fi ti àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kún un tó bá yá?”

“Ẹ lè fi kún un tọ́dún bá yí po, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n á yẹ èèyàn wò nígbà náà, àìsàn tó bá sì ti wà lára tẹ́lẹ̀ á fi ọdún kan dúró kí wọ́n tó máa sanwó lé e. Bẹ́ ẹ bá mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, tí gbogbo yín sì jọ wọlé pọ̀, a ò ní yẹ ẹnì kankan wò. Bó ṣe wà lára, bẹ́ẹ̀ la ṣe gbà á.”

Ìyá Ọṣẹ ṣírò rẹ̀. Ọdún kan, òmíràn tún lé e. Ẹsẹ̀ yẹn ò ní dúró dè é.

“Àti pé... ṣé ẹ máa ń sọ fún ọ̀gá ẹni tó ń gba oògùn àti irú oògùn tó ń gbà?”

“Rárá o. Ẹ̀yin á rí i pé àwọn èèyàn yín lo ètò náà. Ẹ ò ní rí ẹni tó lò ó àtohun tó lò ó fún. Ìyẹn wà láàárín òun àti dókítà rẹ̀.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni aṣọ ibùsùn kan wà tí nǹkan ti bà jẹ́, nǹkan tí ẹni tó ni ín kò ní fẹ́ kí ìyá rẹ̀ pàápàá rí. Abẹ́rẹ́ ti rán àmì mọ́ igun rẹ̀: àkísà funfun kékeré, nọ́ńbà lásán, kò sí orúkọ. Ìyá Ọṣẹ fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílé. Nílé ìfọṣọ tirẹ̀, a kì í pariwo ẹni tó ni àbàwọ́n. Àbàwọ́n là ń fọ̀. Ó di àmì náà mú títí ó fi rò ó dé ibi tó yẹ, ó wá fọwọ́ gbá ara rẹ̀ níwájú orí, ó sì bá ara rẹ̀ wí: Aṣọ àwọn àjèjì lò ń bò láṣìírí, àwọn èèyàn tìrẹ lo wá ní kí wọ́n tú tiwọn síta láàárín ọjà!

Lọ́jọ́ kejì, kí obìnrin adójútòfò tó dé, ó ti ní kí Abẹ́rẹ́ gé àmì mọ́kànlá, gbogbo wọn dọ́gba, láìsí nọ́ńbà lára wọn. Ó so àpò aṣọ mẹ́rin kọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì ní yàrá ìṣaṣọ, ó sì kọ orúkọ àfikún kọ̀ọ̀kan gàdàgbà sí wọn lára.

“Ẹ máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan,” ó ní. “Ẹ ju àmì yín sínú èyí tó bá wù yín, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀yìn jáde. Ti àná ò kà mọ́.”

“Ọ̀gá, a ti dìbò!” Kíá ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú díẹ̀ sí i. “Eyín ló wọlé! Ẹ fẹ́ jí ìbò wa ni?”

“Ìdí tí mo fi pe adójútòfò wá kà á nìyẹn. Bọ́ síbẹ̀, alùpùpù tó ń rìn bí ìgbín.”

“Ẹ wá jẹ́ kí n dúró nínú ibẹ̀ kí n máa ràn wọ́n lọ́wọ́,” ni Rédíò wí.

“Ìwọ? Ìbò tó bá kọjá níwájú rẹ ti di ìròyìn agogo méje. Gba iwájú jọ̀ọ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe wọlé tí kọ́tìnì sì padà bọ́ sílẹ̀, ìró àwọn ẹ̀rọ nìkan lèèyàn ń gbọ́. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Kíá wọlé, kò pẹ́ rárá, àkọ́kọ́ rẹ̀ láyé nìyẹn. Rédíò wọlé, ó jáde, kò sì sọ nǹkan kan. Ìyá Ọṣẹ yí orí wò ó lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Bàbá Ìlàtọ́ ló kẹ́yìn. Ó dúró níwájú kọ́tìnì, ó di àmì rẹ̀ mú sáàárín ìka méjì bí ẹni tó di abẹ́ mú. Ìyá Ọṣẹ ò gbójú sókè. Ó mọ̀ pé bójú àwọn bá pàdé, ojú òun á sọ ohun tí ẹnu òun búra pé òun ò ní sọ. Ilẹ̀ ló ń wò, abẹ́ kọ́tìnì ló ti rí i tí sálúbàtà méjèèjì wọlé, ọ̀kan ń wọ́ díẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́yìn kọ́tìnì. Wọ́n ò kúrò lójú kan. Ó rò pé Bàbá ti fẹ́ jáde láì ju àmì rẹ̀. Sálúbàtà wá yí, wọ́n gba ẹ̀yìn jáde.

Obìnrin adójútòfò kó àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ó sì dà wọ́n lé orí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo wọn.

“Eyín: ọ̀kan.”

“Ọ̀kan!” Kíá fò sókè. “Àwọn mẹ́fà tó nawọ́ lánàá dà? Ọ̀dàlẹ̀!”

“Ojú: ọ̀kan. Aboyún àti ìbímọ: mẹ́ta.”

Kò sẹ́ni tó wo Abẹ́rẹ́. Rédíò gan-an ń wo èékánná ara rẹ̀.

Ó da àpò tó kù. Àmì ń jábọ́, wọn ò sì tètè tán.

“Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́: mẹ́fà.”

Mẹ́fà! Ìyá Ọṣẹ rò pé ẹnì kan ṣoṣo lòun ń dáàbò bò. Ó wá ń wò wọ́n kiri, àwọn tó ti sọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó rò pé òun mọ ìdí wọn tinú tẹ̀yìn, kò sì mọ èwo nínú wọn ló ń gbé kí ni kiri. Ó fẹ́ dá ẹ̀fẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí kankan.

“Ilé ìwòsàn àdúgbò la mú,” ló sọ fún obìnrin adójútòfò. “Ká lè gbé èyí tó ní mẹ́fà àtèyí tó ní mẹ́ta.”

“Eyín tèmi ńkọ́?” Kíá fẹ́ sunkún.

Obìnrin adójútòfò rẹ́rìn-ín músẹ́. “Nínú ìpìlẹ̀, eyín tó bá ń dunni, wọ́n á yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò kàn ní bá yín dí i ni.”

“Kí wọ́n yọ ọ́?” Kíá yára gbé ọwọ́ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́. “Ó ti ń fi mí lára sílẹ̀ díẹ̀, ẹ má ṣèyọnu.”

Ìyá Ọṣẹ fọwọ́ sí ìwé náà.

Oṣù tuntun wọlé, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, Rédíò wá gbàyè: ó fẹ́ lọ kí ìyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò tíì jáde tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń sá aṣọ fi dé: kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sọnù. Òmíràn ní ẹyẹ wọlé òun. Ẹkẹrin, ẹkarùn-ún, àwọn náà pẹ̀lú irọ́ tiwọn. Bàbá Ìlàtọ́ ló dé gbẹ̀yìn, ó wọ bàtà tó dé ẹsẹ̀ pa, èyí tí kì í wọ̀.

“Ẹ̀yin ọ̀gá, mo fẹ́ lọ rí ẹnì kan nítòsí.”

“Ẹ kí ẹni náà fún mi,” ni Ìyá Ọṣẹ wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ilé ìwòsàn àdúgbò máa ń rí àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un; wọ́n kọ ọ́ sára ògiri wọn níta, gbogbo ẹni tó bá wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ ló ń rí i. Ó wo ilé ìfọṣọ tó ku èèyàn márùn-ún péré, ó so aṣọ mọ́ ìdí, ó sì lọ gbé áyọ́ọ̀nù. Gbogbo àárọ̀ ló fi lọ aṣọ. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń rí bẹ́ǹṣì kan, èèyàn mẹ́fà lórí rẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ẹnì kejì.

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó dé, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín débi tí wọn ò lè sọ̀rọ̀. Rédíò nu omi ojú. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ kí, kò sọ ẹni tó rí. Ó lọ sẹ́yìn káńtà, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀.

Bàbá Ìlàtọ́ wọ yàrá ìlọṣọ bá Ìyá Ọṣẹ, ó ti ilẹ̀kùn. Bàǹdéèjì funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, oògùn tó kún àpò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Dókítà ní àtàǹpàkò yẹn ti ń jẹrà lábẹ́. Ó ní bí mo bá pẹ́ díẹ̀ sí i...” Ó gbé àpò oògùn kalẹ̀. “Ó ní kí n máa jókòó lọ aṣọ.”

“Mo ti ní kí wọ́n gbé àga gíga wá, òun nìyẹn.”

Bàbá fa ṣòkòtò kan tó wà lórí tábìlì, èyí tí Ìyá Ọṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tán. Ó gbé e sókè síwájú fèrèsé, ó wò ó lọ sókè, ó wò ó wá sísàlẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ó ní, “ta ló fa ìlà ejò yìí?”

Ó fa àga, ó jókòó, ó sì fi ìka tó ti fomi rin kan áyọ́ọ̀nù wò bóyá ó ti gbóná.